Máníjà ní mo dákẹ́ jù ní wọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o Àǹtí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ibẹ̀ ni mo ti ka nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó wá sí ìlú ọba. Oṣù kẹta mi rè é ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Máníjà wa pè mí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi dáa ṣùgbọ́n mo dákẹ́ jù, mi ò kí ń tètè pe dókítà, tí mo bá sì pè wọ́n mi ò kí ń sọ ohun tí mo fẹ́. Ó ní a máa tún jókòó sọ ọ́ kí oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń wò mí tó pé. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọn ò tọ́ wa láti máa ko àgbà lójú, báwo ni màá ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀ ná, máníjà tó fẹ́ lé èèyàn kì í sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa.

Nílé níbí, tí mátírọ́ọ̀nù bá wọ wọ́ọ̀dù gbogbo wa la máa dìde, tí dókítà àgbà bá ń yípo bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tí wọ́n bá bi ẹ́ lo máa dáhùn, dídákẹ́ ẹ náà ló ń fi hàn pé o lẹ́kọ̀ọ́ àti pé o ń gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Níbi tó o wà yẹn, ohun méjì péré ni wọ́n máa ń rò sí nọ́ọ̀sì tó bá dákẹ́: yálà nǹkan kan ò ṣe aláìsàn, tàbí nǹkan ń ṣe é tí nọ́ọ̀sì ò sì rí i. Kò sẹ́ni tó máa rò pé o rí i o kàn ń bọ̀wọ̀ ni. Ipò wà níbẹ̀ o, má jẹ́ kí pípe ara wọn lórúkọ tàn ẹ́ jẹ, bẹ́ńdì ni wọ́n ń pe ipele iṣẹ́ àti owó oṣù, bẹ́ńdì 5 kì í ṣe bẹ́ńdì 7, wọ́n mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ara aláìsàn, ẹni tó kéré jù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ó wà nínú ìwé òfin NMC, àjọ tó ń bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ tó fún ẹ ní nọ́ńbà. Wọ́n sì nídìí tí wọn ò fi fi í ṣeré. Lọ́sibítù Stafford ní England, láàárín 2005 sí 2009, ìyà jẹ àwọn aláìsàn gan-an, ìgbìmọ̀ tí Robert Francis ṣe olórí ẹ̀ sì gbé ìròyìn jáde ní 2013 pé àwọn òṣìṣẹ́ kan rí i tí wọn ò sọ, àwọn tó sì sọ, wọn ò dá wọn lóhùn. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "sọ ohun tó o rí" ti di nǹkan tí wọ́n ń fi etí méjèèjì gbọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú aláìsàn kan. Ká sọ pé bàbá ẹni ọdún 78 ni, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ egungun ìbàdí fún wọn, ọjọ́ kejì nìyí, aago méjì òru lo wọ̀n wọ́n. Mímí wọn jẹ́ 22 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn 94 láìsí pé wọ́n fi sí wọn nímú, bípì tòkè 108, ọkàn ń lù 104, ara gbóná dé 38.3, wọ́n ń dáhùn dáadáa. Tó o bá wo wọn lójú, wọ́n kàn dà bí ẹni tó rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ wa nílé máa fún wọn ní parasítámọ́ọ̀lù, a ní ká dúró dilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wá ṣe ìṣirò NEWS2, ìyẹn máàkì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara aláìsàn ti ń burú sí i, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní 2017: mímí 22 gba 2, ọ́síjìn gba 1, bípì gba 1, lílù ọkàn gba 1, ara gbígbóná gba 1. Ó di 6. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó dẹ́rù bani lóun nìkan, àròpọ̀ ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti dé 5, o gbọ́dọ̀ pe dókítà kíákíá, kó o sì máa wọ̀n wọ́n ó kéré tán ní wákàtí-wákàtí, kẹ́ ẹ sì ronú sí i pé bóyá kòkòrò ti ń bá ẹ̀jẹ̀ jà. Tó bá dé 7, pàjáwìrì ni. Kọ̀ǹpútà máa bá ẹ rò ó pọ̀ lọ́pọ̀ ọsibítù, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ gbé fóònù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tìẹ wà gan-an rè é. Mo mọ bí a ṣe ń pe fóònù yẹn. A máa ní, "Ẹ káalẹ́ sà, ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́, nípa bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 4 yẹn ni, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá, mo ní kí n kàn fi tó yín létí." Lójú tiwa a ti pariwo tán o, àgbà tó bá gbọ́ irú ẹ̀ nílé á ti mọ̀ pé wàhálà wà, torí ọmọdé ò ní jí àgbà lóru lásán. Dókítà tó wà níbẹ̀ yẹn ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́ọ̀dù rẹpẹtẹ ló ń wò lóru yẹn, kò gbọ́ nọ́ńbà kankan, kò gbọ́ pé o ní kóun wá, ohun tó gbọ́ ni pé o fi tó òun létí, ó máa dúpẹ́ á sì gbé fóònù sílẹ̀. Wàá wá jókòó máa retí ẹ̀, ẹni tó ò pè kò ní wá.

Bó o ṣe máa ṣe é ni kó o tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn, SBAR. Kọ ọ́ sí pépà kó o tó tẹ nọ́ńbà, kí ẹ̀rù má baà kó gbogbo ẹ̀ lọ. Sọ orúkọ ẹ, iṣẹ́ ẹ, wọ́ọ̀dù ẹ, kó o wá ní: "Mo ń pè nípa bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 4, NEWS2 wọn jẹ́ 6, 1 ló wà ní alẹ́." Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Ìkejì, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ẹni ọdún 78. Ìkẹta lohun tí ìwọ rò, ibẹ̀ la sì máa ń sá fún, torí à ń wò ó pé ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún dókítà. Wọn ò ní kó o sọ orúkọ àìsàn. Sọ pé, "Ó jọ pé kòkòrò ti wọ̀ wọ́n lára, bóyá àyà ni, ara ń fu mí." Ìkẹrin ni pé kó o bèèrè nǹkan kó o sì fi àkókò sí i: "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò wọ́n láàárín ìṣẹ́jú 30. Kí lẹ fẹ́ kí n ti ṣe sílẹ̀?" Kó o wá dákẹ́, kí o jẹ́ kó dáhùn. Tó bá sọ orúkọ oògùn tàbí iye kan, tún un sọ sí i létí. Tó ò bá gbọ́ nítorí ahọ́n ẹ̀, sọ pé ó ò gbọ́, má ṣe "yẹ́sì" tá a máa ń ṣe láti má dójú ti èèyàn yẹn o, yẹ́sì níbẹ̀ túmọ̀ sí pé o ti gbà, wọ́n á sì dì í mọ́ ẹ lọ́wọ́.

O lè máa bọ̀wọ̀ nínú ẹ̀. Kí i dáadáa, dúpẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tó ṣáájú ni kó o yọ kúrò, torí pípè tó o pè é kì í ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún un.

Tí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá tí ò dé ńkọ́? Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣe olórí lóru yẹn. Ká sọ pé nígbà tó o tún wọ̀n wọ́n, bàbá ń sọ ìsọkúsọ, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ìdàrúdàpọ̀ tuntun bẹ́ẹ̀ gba 3 nínú NEWS2, 6 ti di 9 nìyẹn láìjẹ́ pé nọ́ńbà tó kù yí padà. Má dúró de ẹni àkọ́kọ́ mọ́, pe ọ̀gá ẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ikọ̀ tó ń wo àwọn tó le gan-an, tí wọ́n bá ní in lóru lọ́dọ̀ yín (ibòmíì ò ní, bèèrè lójú mọmọ). Tó bá di pé ọkàn tàbí mímí fẹ́ dúró, nọ́ńbà pàjáwìrì inú ọsibítù, 2222, ni kó o tẹ̀. Nílé, tó o bá fo orí dókítà kan lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ọ̀rọ̀ lo dá sílẹ̀ yẹn. Níbẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó o ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan lè fajú ro ṣá, jẹ́ kí wọ́n fà á ro. Kó o wá kọ gbogbo ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀: aago tó o pè, orúkọ ẹni tó gbé e, ohun tó o bèèrè, ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, kò tó nǹkan. Tí ẹnu ẹ ò bá gbà á láti pe kọ́ńsọ́tántì ní orúkọ àbísọ, pè é ní dókítà tàbí kó o bi í pé kí lo fẹ́ kí n máa pè ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú. Rántí nìkan pé àwọn oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, Mísítà tàbí Míìsì ni wọ́n ń jẹ́, inú wọn dùn sí i ju dókítà lọ. Ibi tó yẹ kó o ti ṣọ́ra ni ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. A fẹ́ràn ká máa pe ìyá àgbà ní Màmá, lójú wọn níbẹ̀ ó dà bíi pé o sọ wọ́n di arúgbó tí ò mọ nǹkan mọ́. Bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fẹ́, kọ ọ́ sí pátákó orí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú: àwọn náà ní ẹnà tiwọn. Tí sísítà bá ní, "Tó o bá ráyè, ṣé wàá lè bá mi wo bẹ́ẹ̀dì 9?", àṣẹ ni, ní báyìí ni. Wọn ò bi ẹ́ bóyá o ráyè. Tó ò bá ráyè lóòótọ́, sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ àti ìgbà tó o máa ṣe tán.

Tí ẹnìkan bá wá ń fi ohùn ẹ ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí tó ń pariwo mọ́ ẹ lójú aláìsàn, ìyẹn kì í ṣe àṣà ibi iṣẹ́ tó yẹ kó o kọ́, ìfiyàjẹni ni. Kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀. Ní England, ọsibítù ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹni kan tí wọ́n yàn láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí máníjà ẹ.

Láti ìsinsìnyí títí dìgbà tẹ́ ẹ máa jókòó, bẹ àbúrò ẹ kan ní Tákìé kó gbé fóònù lórí Wásáàpù kó ṣe dókítà tó ń sùn, tó ń kánjú, tí ò fẹ́ wá, kó o máa fi gẹ̀ẹ́sì pè é ní ohùn rara, jẹ́ kó yọ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Má dárúkọ aláìsàn kankan fún un o. Lẹ́nu iṣẹ́, ní kí sísítà kan dúró tì ẹ́ nígbà tó o bá ń pe fóònù, kó sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó fún ẹ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ míítìn yẹn, mú àpẹẹrẹ ìpè méjì tàbí mẹ́ta lọ láìsí orúkọ aláìsàn níbẹ̀: kí ni NEWS2 jẹ́, kí lo bèèrè, ìgbà wo ni dókítà dé. Máníjà ẹ máa fẹ́ rí ìyẹn ju kó o sọ fún un pé o ti ń gbìyànjú lọ.