Èsì: Àwìn oṣù kan sí oṣù méjì

“Oṣù kan ni mo ń fún àwọn oníbàárà láti san owó. Tí mo bá sọ ọ́ di oṣù méjì, ọjà tí mò ń tà lọ́dún á kúrò ní ₦60 mílíọ̀nù, á di ₦72 mílíọ̀nù. ₦20 ló ń kù fún mi lórí ₦100, èlé báńkì jẹ́ 30%. Gbèsè tó ń kú lè ti 1% di 3%. Ṣé kí n ṣe é?”

Ẹ má ṣe é o, ẹ̀gbọ́n. Èrè tó máa gorí ti tẹ́lẹ̀ ò ju ₦2.4 mílíọ̀nù lọ.

Ibi tó ń tan èèyàn jẹ ni owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ lè rò pé ti àwọn tuntun nìkan ló máa pọ̀ sí i, àmọ́ àwọn àtijọ́ náà á gba oṣù méjì wọn (ta ni yóò kọ̀ ọ́?). Lónìí, ₦5 mílíọ̀nù ló wà níta. Á di ₦12 mílíọ̀nù. Èlé ₦7 mílíọ̀nù tó lé yẹn jẹ́ ₦2.1 mílíọ̀nù lọ́dún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè náà lọ.

Gbèsè tó ń kú ńkọ́? Lórí gbogbo ọjà ni ẹ ó ti ṣírò rẹ̀: ₦600,000 á di ₦2.16 mílíọ̀nù, ìyẹn àfikún ₦1.56 mílíọ̀nù. Ẹ ó pàdánù ₦1.26 mílíọ̀nù lọ́dún.

Kódà bí gbèsè tó ń kú bá dúró sí 1%, nǹkan bí ₦180,000 péré ló máa ṣẹ́kù.