Ẹ̀rọ tó ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo dúdú dáadáa, ẹ̀rọ ní mi ò tíì pé 18. Kí ló fà á?

Àròsọ ló ń ṣe. Fọ́tò àwọn tí wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ń fi awọ àti ìrísí ojú rẹ wé tiwọn, ó wá já nọ́ńbà kan. Kó fi ọdún díẹ̀ ṣì í kì í ṣe tuntun.

Tí òyìnbó bá pọ̀ jù nínú fọ́tò yẹn, wàhálà dé. Mẹ́lánììnì, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ń gba awọ dúdú lọ́wọ́ oòrùn, kì í tètè hunjọ, ẹ̀rọ sì lè pè ọ́ lọ́mọdé. Nínú iná bàìbàì, kámẹ́rà tún máa ń pa ìhunjọ ojú rẹ́. Kọjú sí fèrèsé lọ́sàn-án, kí o tún un yà. Bó bá ṣì kọ̀, ìwé ìrìnnà rẹ ló kù láti fi hàn.