“Madame” lásán kì í ṣe ìbínú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oníbàárà wa tuntun ní Kútọnu kọ ímeèlì sí mi lórí ínfọ́ísì tí mo ṣì kọ. “Madame” lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, kò dárúkọ mi. Ó wá parí rẹ̀ báyìí: “Je vous prie d'agréer, Madame, l'expression de mes salutations distinguées.” Ó le létí mi. Ṣé inú ń bí wọn ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Ńṣe ni wọ́n kúnlẹ̀ kí ọ. “Je vous prie” ni “mo bẹ̀ yín”, “vous” yẹn sì ni “ẹ” tí àwa náà ń lò fún àgbà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni: “Ìyáàfin, mo bẹ̀ yín, ẹ gba ìkíni ọ̀wọ̀ mi.” Bí fóònù bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọ lẹ́yọ lẹ́yọ ló ń dún bíi lẹ́tà ilé ẹjọ́.

“Madame” láìsí orúkọ, bó ṣe yẹ kí lẹ́tà Faransé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú àwọn tó mọ̀wé kọ, fífi orúkọ bàbá ẹni kún un gan-an ni kò bójú mu. “Chère Madame” wà fún àwọn tó ti mọra.

Má wo ìbínú níbi ìkíni ìparí. Ẹni tó fẹ́ gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ lè fi “salutations distinguées” kan náà parí lẹ́tà rẹ̀. Àárín lẹ́tà ni kó o kà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: “Je vous saurais gré de bien vouloir nous faire parvenir la facture rectifiée.” Wọn ò sọ pé “fi ránṣẹ́” lásán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ bó o bá lè bá àwọn fi ínfọ́ísì tó o ti tún ṣe ránṣẹ́. Ká ní o rí “sous huitaine”, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fún ọ. Bó bá jẹ́ “mise en demeure” lo rí, ìkìlọ̀ tó ń ṣáájú ẹjọ́ nìyẹn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kó o gbé e lọ.

Ìgbà kan wà tí ìparí gígùn yìí lè mú ìfura wá: bí ẹni tó ti ń fi “Cordialement”, ìkíni ìparí kúkúrú tó túra ká, parí lẹ́tà sí ọ fún oṣù bíi mélòó kan bá ṣàdédé padà sí i. Ìwọ àti oníbàárà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni.

Bí wọ́n ṣe kí ọ ni kí o kí wọn. Ọkùnrin ni, nítorí náà:

```
Monsieur,

Vous trouverez ci-joint la facture rectifiée.

Je vous prie d'agréer, Monsieur, l'expression de mes salutations distinguées.
```

“Monsieur” tó wà lókè gbọ́dọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ mu. Má sì fi “sentiments”, ìyẹn bí nǹkan ṣe rí lọ́kàn ẹni, rọ́pò “salutations”, ìyẹn ìkíni. Àwọn àgbà Faransé kan ṣì gbà pé obìnrin kì í fi “sentiments” ránṣẹ́ sí ọkùnrin. Ọjọ́ tí òun bá kọ́kọ́ kọ “Cordialement” ni kí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.