Àmì ara ṣokoléètì àti owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kòkó

*“Ẹ̀yin àgbà inú kòkó, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan wá sí abúlé wa lẹ́bàá Ilé-Olújì, wọ́n ní kí bàbá mi àtàwọn àgbẹ̀ yòókù tọwọ́ bọ̀wé kí kòkó wọn lè gba àmì. Wọ́n dárúkọ Fairtrade, wọ́n dárúkọ ọ̀gáníìkì, wọ́n tún ní òwò tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní ṣokoléètì alámì lòun máa ń rà nítorí tiwa. Èwo ló ń mówó wá nínú wọn, èwo ló jẹ́ ariwo lásán?”*

Àbúrò, kí Bàbá má tíì tọwọ́ bọ nǹkan kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àlejò yẹn pé orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí náà, kí wọ́n sì bi wọ́n pé àpò mélòó ni wọ́n máa rà lábẹ́ àmì náà lọ́dún. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó níhà Ìdànrè, ìbéèrè méjì yìí ló sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n ju gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wa lọ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun ló kọ́kọ́ wá bá wa. Wọ́n san owó àyẹ̀wò, wọ́n fún wa ní tapólì tí a ó máa sá kòkó lé, inú wa dùn. Nígbà tí kòkó jáde, oníṣòwò mìíràn dé láti Àkúrẹ́, òun náà ń wá kòkó alámì, owó rẹ̀ sì ju tiwọn lọ. A ò lè tà á fún un bíi kòkó alámì, nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló wà lórí ìwé. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kòkó lásán ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa láti yàn ò ju pé ká tà á fún wọn níye tí wọ́n bá dá, tàbí ká tà á bí ẹni tí kò láàmì rárá.

Fairtrade kì í fàyè gba irú ìyẹn nínú kòkó àwọn àgbẹ̀ kéékèèké bíi tiwa, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gba ìwé ẹ̀rí. Òfin ọ̀gáníìkì tuntun ti Yúróòpù náà, tí wọ́n ń pè ní 2018/848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022, ti ní kí ìwé wà lórúkọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ gan-an, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ju 2,000 lọ. Bí àwọn àlejò yín bá ní ọ̀gáníìkì fún ọjà Yúróòpù ni, tí wọ́n sì ní ìwé yóò wà lórúkọ àwọn, ẹ tètè fura.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àpò. Fairtrade ní owó méjì nínú. Àkọ́kọ́ ni iye tí kòkó kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Láti oṣù kẹwàá 2019 wọ́n fi í sí dọ́là 2,400 fún tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n máa ń tún un yẹ̀ wò, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìgbà tí ọjà bá kú ni iye yìí ń wúlò. Lọ́dún 2017 tí kòkó já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 2,000, ẹni tó bá rí irú iye bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì yóò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 tí kòkó kọjá dọ́là 10,000 ní oṣù kẹta, tó sì tún kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó rántí pé iye kan wà nísàlẹ̀. Iye ọjà ni gbogbo ayé ń san. Ẹ sì tún kíyè sí i pé iye kòkó tó ti dé ẹnu ọkọ̀ ojú omi ni 2,400 yẹn, kì í ṣe iye ẹnu ọ̀nà oko. Owó ọkọ̀ dé Èkó, owó ilé ìkẹ́rù àti owó ìwé gbogbo, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Owó kejì ni àlékún, dọ́là 240 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í kú bí ọjà bá gbówó lórí, lórí iye ọjà ni wọ́n ń fi í lé. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù bí àpò bá jẹ́ kílò 62.5, nítorí náà dọ́là 15 ni lórí àpò kan. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn yóò ti máa nawó nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa ń rí. Ká ní ẹgbẹ́ yín kó tọ́ọ̀nù 90 jọ lọ́dún, gbogbo rẹ̀ sì kúnjú òṣùwọ̀n àmì. Oníbàárà tó ń fẹ́ kòkó Fairtrade sọ pé tọ́ọ̀nù 18 lòun fẹ́, torí ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì béèrè lọ́wọ́ òun. Àpò 288 nìyẹn, àlékún rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 4,320. Tọ́ọ̀nù 72 tó kù, ọjà lásán lẹ ó tà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko kan náà ló ti wá, wàhálà kan náà lẹ sì ṣe lórí rẹ̀. Ẹ wá pín 4,320 sórí gbogbo àpò 1,440: dọ́là 3 péré lórí àpò kan. Owó àyẹ̀wò ọdọọdún ń retí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ nìyí o. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni yóò ra kòkó yín. Ó kàn ń sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ ni àlékún náà sì ń lọ bá, kì í ṣe àpò Bàbá. Ìpàdé gbogbogbò ló ń dìbò lórí ohun tí wọn ó fi ṣe, ìwé ìpàdé sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ torí àwọn olùyẹ̀wò yóò béèrè rẹ̀. Wọ́n lè gbẹ́ kànga, wọ́n lè kan pèpéle ìsákòkó, wọ́n sì lè pín in. Bí akọ̀wé yín kò bá lè fi ìwé àpò tí wọ́n tà lábẹ́ àmì lọ́dún tó kọjá hàn yín, ẹ má retí àlékún kankan.

Rainforest Alliance, àmì mìíràn tí òun àti àmì UTZ ti di ọ̀kan láti 2018, tiẹ̀ kò ní iye ìsàlẹ̀ rárá. Láti oṣù keje 2022 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó ń rà san ó kéré tán dọ́là 70 kún un lórí tọ́ọ̀nù, owó ọwọ́ ni fún àgbẹ̀. Kò tó dọ́là 5 lórí àpò.

Ọ̀gáníìkì ló nira jù, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò dáadáa. Ọdún 3 gbáko ni oko kòkó yóò fi wà láìrí oògùn tí wọn ò fọwọ́ sí kí kòkó rẹ̀ tó lè jẹ́ ọ̀gáníìkì. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, iye kòkó lásán lẹ ó máa tà á, bẹ́ẹ̀ ni èso yóò sì dínkù. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án lápá ọ̀dọ̀ wa, tí kòkó ń dúdú lórí igi. Oògùn alápòpọ̀ tí metaláksì wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wa ń fín sí i, kò sáyè fún un mọ́. Òfin Yúróòpù gba kọ́pà nìkan níwọ̀nba, kílò 28 lórí hẹ́kítà láàárín ọdún 7. Èyí tó kù, ọwọ́ ni: kẹ́ ẹ máa já kòkó tó ti dúdú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ sì kó o kúrò nínú oko, kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Oògùn apakoríko náà ti parí, àdá ló kù. Bí Bàbá kò bá ní ọmọ lẹ́yìn tàbí owó lébìrà, ibẹ̀ ni yóò ti há.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ ń gba ibi téèyàn ò rò wọlé. Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa kò fín oògùn kankan, ṣùgbọ́n ó yá páǹpù ìfínko aládùúgbò rẹ̀ láti fi fín kọ́pà. Ohun tó kù nínú páǹpù náà ló hàn nígbà tí wọ́n yẹ kòkó wò, gbogbo ẹrù tí kòkó tirẹ̀ dà pọ̀ mọ́ sì bọ́ sí ipò kòkó lásán. Àpò tí wọ́n ti fi gbé ajílẹ̀ rí lè fa irú rẹ̀. Kódà ní Èkó, bí wọ́n bá fi oògùn kòkòrò inú ilé ìkẹ́rù, èyí tó ń dà bí èéfín yẹn, fín ẹrù yín, ó parí. Òfin ọ̀gáníìkì ò sì ṣèlérí kọ́bọ̀ fún yín. Ohun tí ọ̀gáníìkì ń dúró lé lórí ni bí wọ́n ṣe gbin nǹkan, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á. Àfi kẹ́ ẹ fi mọ́ Fairtrade, tí wọ́n ti ń fi dọ́là 300 kún un lórí tọ́ọ̀nù fún ọ̀gáníìkì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò rà á, èmi ò ní fi oko mi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Òwò tààrà ní tirẹ̀, níbi tí oníṣokoléètì ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní òfin, kò ní olùyẹ̀wò. Àwọn tó ń yan kọfí ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí òkè, ẹnikẹ́ni ló sì lè tẹ̀ ẹ́ sára páálí. Síbẹ̀ òun ló lè mówó gidi wá bí ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé bá jẹ́ èèyàn rere. Ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Taza ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ń san ó kéré tán dọ́là 500 lórí iye ọjà Niu Yọ́ọ̀kì fún tọ́ọ̀nù kan. Irú wọn ń fẹ́ adùn: kí kòkó wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 6, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sá a lórí pèpéle, kì í ṣe létí títì. Wọn ò sì ń ra púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ ní dúdú: iye tí wọn ó fi lé iye ọjà, ìwọ̀n ta ni wọn ó fi wọ̀n ọ́n, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, àti ẹni tí ẹrù yóò kú sí lọ́wọ́ bí wọ́n bá ní kò dára. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọn kì í fẹ́ kọ.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù: bó bá rí ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Fairtrade, kó yí páálí náà padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú kòkó, ṣúgà àti tíì, wọ́n gbà kí ilé iṣẹ́ da kòkó alámì pọ̀ mọ́ èyí tí kò láàmì, níwọ̀n ìgbà tí iye tó tà lábẹ́ àmì kò bá ti ju iye tó rà lọ. Àgbẹ̀ kan ti gba owó níbì kan, ṣùgbọ́n kòkó tirẹ̀ lè máà sí nínú èyí tó ń jẹ. Ọ̀gáníìkì kò gba àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, láti oko dé páálí ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ owó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ló ń wá, kó wá ilé iṣẹ́ tó ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti iye tó san jáde lọ́dọọdún. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, kó kọ̀wé bi wọ́n.