Ibùwọ̀ Èrò ni kí ẹ kọ sára ilé yín

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń parí ilé oníyàrá mẹ́jọ kan nítòsí gáréèjì ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn oníṣòwò tó máa ń sùn mọ́jú kan tàbí méjì. Ẹnì kan ní 'Ilé Ìtura' ni àwọn baba wa ń pe irú rẹ̀ láti ayébáyé. Ṣé òótọ́ ni?"

Kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì ń bí mi nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ àná lé àwọn baba wa lórí. Hòtẹ́ẹ̀lì la fi "ilé ìtura" túmọ̀. Ẹni tó bá rí i lára ògiri, ọtí àti fàájì ni yóò kọ́kọ́ rò, ìyá aláta tó di owó ọjà mọ́ ìdí kò sì ní fẹ́ sùn níbẹ̀. "Ilé Àlejò" náà kò ṣe wẹ́kú, nítorí pé àlejò ní ẹni tó wá kí, onílé ló sì ń bọ́ ọ.

Wọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ilé ìyá mi àgbà kò jìnnà sí ọjà, àwọn alájàpá ẹlẹ́lùbọ́ sì máa ń dé síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pàdé wọn lójú ọ̀nà, ohun tí yóò bi wọ́n ni pé, "Níbo lẹ wọ̀ sí?" Wọn a sọ àpò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn a bomi ṣan ẹsẹ̀, wọn a sì tẹ́ ẹní, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti lọ, ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan a sì wà nínú igbá onílé. Ó dá mi lójú pé wọ̀ yìí kan náà la ń lò fún oòrùn. Ibi tí oòrùn bá ti wọ̀ bá arìnrìn-àjò ni òun náà ń wọ̀ sí, àwọn méjèèjì a sì tún yọ láàárọ̀. Ibùwọ̀ ni ibẹ̀ ń jẹ́.

Ẹ wá fi "èrò" kún un, ìyẹn àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Àwọn babaláwo ṣì ń pe "èrò Ìpo, èrò Ọ̀fà" nínú ẹsẹ Ifá, "ilé èrò" sì ni Bíbélì Yorùbá pe ibi tí kò ti sí àyè fún Jósẹ́fù àti Màríà ní Lúùkù 2:7. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń ké "èrò Ìbàdàn" láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní gáréèjì yín kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà ló wà lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó. IBÙWỌ̀ ÈRÒ ni kó kọ, kí ó fi àmì sábẹ́ Ọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Bí ó bá fi sábẹ́ E àti O inú ọ̀rọ̀ kejì, ẹ̀rọ ni àwọn èèyàn yóò kà á sí, àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ni yóò máa kan ilẹ̀kùn yín.