Ìlà méjì tó jọra nínú ìwé owó: ẹ má tíì pa á rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ya àwòrán ìwé owó ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa, mo sì fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ nínú Excel. Àwọn orúkọ kan já sí méjì, òpó owó méjì lẹ̀ pọ̀, àwọn ìlà kan sì wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ Remove Duplicates, ìlà 14 lọ, àmọ́ àpapọ̀ wá fi ₦15,000 dín sí ti inú ìwé. Kí ni kí n tún tẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ padà sí fáìlì tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé jáde. Bí ẹ kò bá fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tún àwọn àwòrán náà kà.

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnìkan má béèrè èyí lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí, torí owó olówó ni. Bọ́tìnnì yẹn kò mọ ìlà tí ẹ̀rọ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ń wò ó bóyá ohun tó wà nínú àwọn òpó tí ẹ yàn jọra ni. Bó bá jọra, á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, á ju ìyókù nù, kò sì ní fi èyí tó jù nù hàn yín. Ẹni tó san ₦5,000 ti oṣù yìí, tó tún san ₦5,000 tó jẹ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ kan náà, ìlà méjì ló ní: orúkọ kan, ọjọ́ kan, iye kan. Owó gidi ni méjèèjì, bọ́tìnnì á sì pa ọ̀kan rẹ́. Irú ẹ̀ mẹ́ta péré, ₦15,000 ti lọ. N kò rí ìwé yín, nítorí náà n kò ní fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ìlà tó yẹ kó lọ ṣì wà níbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, “Adébáyọ̀” àti “Adé báyọ̀” kì í ṣe ẹnìkan náà. Àyè tó fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ burú ju ìyẹn lọ, torí ojú kò rí i. Ẹ fi `LEN` kà á: “Adébáyọ̀” tó mọ́ máa ń jẹ́ 8, bí àyè kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á di 9. Bó bá jẹ́ 11, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kọ àwọn lẹ́tà lọ́tọ̀, ó wá kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. Ti 11 yìí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Python bá yín fi `unicodedata.normalize("NFC", s)` tún un ṣe. Ti àyè, ẹ lo èyí:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(B2,UNICHAR(160)," "))
```

`TRIM` nìkan kò tó, torí kì í fọwọ́ kan àyè oríṣi 160 tí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fi sílẹ̀. Kò sì lè so “Adé báyọ̀” pọ̀. Ẹ má torí ìyẹn yọ gbogbo àyè kúrò nínú orúkọ o, torí “Ọlá Òjó” á di “ỌláÒjó”. Ẹ mú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ ṣe òpó tuntun tí kò ní àyè rárá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wá ara wọn, kí ẹ sì gba orúkọ tó tọ́ látinú ìwé náà. Èyí tí kò bá rí ẹnìkejì rẹ̀, ẹ wo àwòrán.

Ti òpó tó lẹ̀ pọ̀, bíi “5,000 47,500”, Text to Columns á là á. 5,000 ni owó tó san, 47,500 ni àpapọ̀ owó rẹ̀ lẹ́yìn tó san án. Ẹ wá dán an wò: bí àpapọ̀ owó ẹni náà tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 42,500, ó bá a mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ padà sí àwòrán.

Ìgbà yìí ni ìlà onílọ̀ọ́po tó kàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà àwòrán àti nọ́ńbà ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun gbogbo. Bí orúkọ tí ẹ ti tún ṣe bá wà ní B, ọjọ́ ní C, iye ní D, ẹ fi èyí sàmì sí wọn, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́:

```
=COUNTIFS(B:B,B2,C:C,C2,D:D,D2)
```

Èyí tó bá ju 1 lọ ni ẹ ó yẹ̀ wò. Ohun tó sábà máa ń fa ìlọ́po ni pé àwòrán méjì mú apá kan ojú ewé náà: ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ àwòrán 7 á tún jáde lókè àwòrán 8, bí wọ́n ṣe tò, pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì kan náà. Ìyẹn ni kí ẹ pa rẹ́. Àmọ́ bí méjì bá jọra láàrin àwòrán kan ṣoṣo, tí rìsíìtì sì jẹ́ 0231 àti 0232, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò àpapọ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi wé ti ìwé. Ojú ewé tí kò bá bára mu ni kí ẹ ṣí àwòrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èrè ni ẹ fẹ́ fi fáìlì yìí pín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń yẹ ìwé owó yín wò fi ojú rí ìwé gan-an kí náírà kan tó jáde.