Èsì: Ìpolówó yàrá ní Kúbwà

«Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ ìpolówó yàrá mi ní Kúbwà tí ìjà lórí owó iná mànàmáná kò fi ní tún ṣẹlẹ̀?»

Alàgbà, ẹ kọ ètò iná sínú ìpolówó náà gan-an, kí ayálégbé tó kó ẹrù dé, báyìí:

«Yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ṣófo. Owó ilé jẹ́ ₦400,000 lọ́dún; ₦50,000 owó àtúnṣe wà lọ́tọ̀, a óò sì dá a padà fún ẹni tó bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́. Yàrá mẹ́ta ló ń lo mítà kan, nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù yóò ra mítà kékeré tirẹ̀, tí a óò máa kà lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ ni a ń wá, ẹni méjì ni ó pọ̀ jù. A máa ń ti géètì ní aago mọ́kànlá alẹ́.»

N kò fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí i, torí ìyẹn kì í san owó iná.